Mo ti pa ṣáàtì náà rẹ́, kí ló dé tí ẹnì kejì ṣì ń rí ọ̀rọ̀ mi? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn oníbàárà máa ń bi wá ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún fóònù ṣe ní Àkúrẹ́. Àwọn kan máa ń wá láti Oǹdó pàápàá, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ àti ẹ̀rù lójú. WhatsApp ni a ó fi ṣe àlàyé jù, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò níbí. A ó kan Instagram àti Telegram níwájú.

Ṣé ìyàtọ̀ wà láàárín kí n fa mẹ́sééjì kan padà àti kí n pa gbogbo ṣáàtì rẹ́?

Ìyàtọ̀ ńlá ló wà. Bí ẹ bá tẹ mẹ́sééjì kan tí ẹ fi ránṣẹ́ mọ́lẹ̀ lórí WhatsApp, tí ẹ wá tẹ àmì agbọ̀n ìdọ̀tí, nǹkan méjì ni yóò jáde fún yín láti yàn: "Delete for everyone" àti "Delete for me". Bí ẹ bá yan ti àkọ́kọ́, fóònù yín yóò ránṣẹ́ sí fóònù ẹnì kejì pé kó yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Bí ẹ bá yan ìkejì, kò sí iṣẹ́ kankan tó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú tiyín nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò.

"Delete chat", tó ń pa gbogbo ìtàkùrọ̀sọ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ ìyá "Delete for me" ni. Bó ti wù kí ṣáàtì náà gùn tó, ìbáà jẹ́ ti ọdún mẹ́ta, tiyín nìkan ló máa pa. "Clear chat" náà kò yàtọ̀, àfi pé orúkọ ẹni náà ṣì máa wà nínú àkójọ ṣáàtì yín, inú rẹ̀ ló máa ṣófo. Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé "Delete chat" dún bí ohun tó lágbára jù. Wọ́n rò pé tí èyí tó kéré bá lè pa mẹ́sééjì kan lọ́dọ̀ ẹnì kejì, èyí tó tóbi á pa gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Kí ló dé tí wọn ò ṣe é kí "Delete chat" pa ti ẹnì kejì náà?

Torí pé ẹ̀dà méjì ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìwé rìsíìtì onípele méjì tí àwọn oníṣòwò ń lò, èyí tí wọ́n ń fi kábọ́ọ̀nù sáàárín rẹ̀. Bí ẹ bá ya tiyín tó kù nínú ìwé, tí ẹ jó o níná, ti oníbàárà ṣì wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀.

Lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ náà gan-an kì í dúró sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ wọn lẹ́yìn tó bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Kọ̀ǹpútà wọn kàn ń gbé e kọjá ni, ní títì pa tí àwọn fúnra wọn kò lè kà á. Bí fóònù ẹni náà bá wà ní pípa, wọn á tọ́jú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, bí kò bá sì wá gbà á, wọn á dà á nù. Tó bá ti wọlé, inú fóònù méjèèjì ló ń gbé, tiyín àti tirẹ̀. Nítorí náà, kò sí ibì kan láàárín tí ẹ ti lè fọwọ́ kan nǹkan kí ó kúrò lójú ẹ̀yin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. "Delete for everyone" pàápàá, iṣẹ́ tuntun ni a rán: ó ń rìn gba ojú ọ̀nà tí mẹ́sééjì gbà, ó dé fóònù ẹnì kejì, ó sì sọ fún WhatsApp tó wà níbẹ̀ pé, "Jọ̀ọ́, yọ èyí." Àwọn tó ṣe WhatsApp fún un ní àṣẹ láti gbọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọn kò fún un láṣẹ láti gbọ́ pé kó yọ gbogbo ṣáàtì.

Ìdí kejì jẹ́ ti ìdájọ́ òdodo, mo sì gbà pẹ̀lú wọn lórí rẹ̀. Nínú ṣáàtì yín, ìdajì ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe tiyín. Àdéhùn owó ilé wà níbẹ̀, ẹ̀rí pé wọ́n ti san owó kòkó wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ sì ní ìhàlẹ̀ náà lọ́wọ́ níbẹ̀. Ká ní ẹni tó halẹ̀ lè fi ìka kan pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó halẹ̀ mọ́, kí ni ẹni náà yóò mú dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá?

Ẹ fún wa ní àpẹẹrẹ kan tó hàn gbangba.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aláṣọ kan ní Ọjà Ọba ṣe é. Ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó fẹ́ fi iye tí òun ra àwọn áńkárá tuntun ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ tó ń bá a tà á ní Oǹdó. Mẹ́sééjì mẹ́rin ni: mẹ́ta jẹ́ ọ̀rọ̀, ìkẹrin jẹ́ fọ́tò rìsíìtì láti ọ̀dọ̀ àwọn tó tà á fún un ní Èkó. Orúkọ àbúrò rẹ̀ àti ti oníbàárà kan ní Ìjàpọ̀ tẹ̀ léra nínú fóònù. Oníbàárà ló gba mẹ́sééjì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ní bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, ó rí i. Àyà rẹ̀ já. Ó tẹ orúkọ oníbàárà náà mọ́lẹ̀, ó yan "Delete chat", gbogbo rẹ̀ sì pòórá. Ó mí kanlẹ̀, ó lọ jẹun.

Láàárọ̀ Sátidé, fóònù dún: "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Mo rí i pé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ààbọ̀ lẹ ra èyí tí ẹ tà fún mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ bá mi gbé owó rẹ̀ wálẹ̀."

Ohun tó dun èèyàn jù níbí kì í ṣe owó. WhatsApp ń gba èèyàn láyè láti fa mẹ́sééjì padà fún ọjọ́ méjì àti wákàtí méjìlá, ìyẹn ọgọ́ta wákàtí, láti oṣù kẹjọ ọdún 2022. Èyí tó fi ránṣẹ́ ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó ní àyè láti fà á padà títí di agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àyè ṣì wà dáadáa ní àárọ̀ Sátidé. Ṣùgbọ́n ibo ni yóò ti tẹ̀ ẹ́? Ṣáàtì tó ṣí lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ oníbàárà yẹn nìkan ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́sééjì mẹ́rin tirẹ̀ ti lọ, ohun tí kò sì sí lójú fóònù kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju kọ́kọ́rọ́ nù, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí fún oníbàárà.

Kí ló yẹ kó ṣe nígbà yẹn?

Kó kọ́kọ́ fà á padà. Kò gbọ́dọ̀ pa ṣáàtì rẹ́ rárá títí ìyẹn yóò fi parí. Kó ṣí ṣáàtì náà, kó tẹ mẹ́sééjì àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi ní àwọ̀ mìíràn, kó wá fọwọ́ ba àwọn mẹ́ta yòókù kí wọ́n lè wọlé sí ìyàn náà. Lẹ́yìn náà, àmì agbọ̀n ìdọ̀tí, lẹ́yìn èyí "Delete for everyone". Lórí iPhone, ẹ ó tẹ mẹ́sééjì mọ́lẹ̀, ẹ ó yan "Delete", ẹ ó sàmì sí àwọn tó kù, ẹ ó wá tẹ agbọ̀n tó wà nísàlẹ̀.

Bí "Delete for everyone" kò bá jáde, ẹ má tẹ "Delete for me" nítorí ìkánjú. Ẹ wò ó bóyá ẹ ti ṣèèṣì yan ọ̀rọ̀ ẹnì kejì mọ́ tiyín, torí nínú ṣáàtì ẹni méjì, ẹ kò lè fa ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tiyín padà; bí ọ̀kan bá wọ inú rẹ̀, àyè náà yóò pòórá fún gbogbo wọn. Tàbí kó jẹ́ pé èyí tó ti pẹ́ ju ọgọ́ta wákàtí lọ wà lára wọn. Ẹ yọ ìyẹn kúrò, ẹ tún tẹ̀ ẹ́.

Bí ìka bá sì ṣèèṣì bọ́ sórí "Delete for me", "Undo" yóò yọ nísàlẹ̀ ojú fóònù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ẹ tètè tẹ̀ ẹ́. Mẹ́sééjì náà yóò padà, ẹ ó sì tún lè fà á padà bó ṣe yẹ.

Tí ìyá aláṣọ wa bá ti rí "You deleted this message" ní ìgbà mẹ́rin, tí kò sì fẹ́ máa rí ìyẹn pàápàá, ìgbà yẹn ló lè pa ṣáàtì rẹ́ kó lọ sùn.

Mo ti pa ṣáàtì náà kí n tó kà èyí. Ṣé kò sí ọ̀nà mọ́?

Bákáàpù nìkan ló lè ṣèrànwọ́. Bí WhatsApp yín bá ń ṣe bákáàpù lálaalẹ́, tí ẹ bá sì yọ ápù náà kúrò tí ẹ tún fi sí i, ó máa bi yín bóyá kó dá àwọn ṣáàtì padà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nígbà tí a ṣe bákáàpù nìkan ló ń dá padà. Lórí Android, bákáàpù inú fóònù máa ń wáyé ní agogo méjì òru. Ìyá aláṣọ wa fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ ní agogo mẹ́jọ alẹ́, ó sì pa ṣáàtì lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Bákáàpù ti òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Jímọ̀ kò mọ mẹ́sééjì náà. Ti òru Jímọ̀ mọ́jú Sátidé náà kò bá a níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà bákáàpù kò ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ ní ọ̀sán, tó sì pa ṣáàtì ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìyẹn lè rí i padà. Kó tó gbìyànjú rẹ̀, kó rántí pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó wọlé lẹ́yìn bákáàpù, látọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn, lè sọnù.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kejì lóòótọ́?

Ẹ kò lè mọ̀ tán pátápátá. WhatsApp fúnra wọn sọ pé bí kò bá yọrí, wọn kò ní fi tó yín létí. Ohun tí ẹ ó rí lọ́dọ̀ yín ni "You deleted this message", tí ẹnì kejì yóò sì rí "This message was deleted". Ìyẹn túmọ̀ sí pé òun á mọ̀ pé ẹ yọ nǹkan, kódà bí kò bá mọ ohun tó jẹ́. Ẹ múra sílẹ̀ de "Kí lẹ pa rẹ́ yẹn?"

Àmì maaki lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀ kí ẹ tó fà á padà. Maaki kan ṣoṣo túmọ̀ sí pé mẹ́sééjì kò tíì dé fóònù rẹ̀, bóyá iná ti lọ tàbí kò sí dátà. Méjì eléérú túmọ̀ sí pé ó ti wọ fóònù. Méjì aláwọ̀ búlúù, ó ti ṣí i. Ẹ má sì fi eléérú tú ara yín nínú, torí èèyàn lè pa àmì búlúù, ó sì lè ka ọ̀rọ̀ yín látinú nótífikéṣọ̀n lókè fóònù láìṣí ṣáàtì rárá.

Ọ̀rẹ́ mi sọ pé òun rí ohun tí mo fà padà. Báwo ló ṣe rí i?

Ọ̀nà pọ̀ o. Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni GBWhatsApp. Kì í ṣe WhatsApp gidi. Àwọn ẹlòmíràn ló yí i ṣe, tí wọ́n sì fi ohun kan sínú rẹ̀ tó ń kọ etí dídi sí iṣẹ́ "Delete for everyone". Rántí pé mo ní ẹ̀bẹ̀ ni a ń rán. Ápù gidi ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà, GB kì í gbọ́. Ó ní ewu tirẹ̀, torí WhatsApp máa ń dá àkáǹtì àwọn tó ń lò ó dúró, ṣùgbọ́n ìyẹn kò gba ọ̀rọ̀ yín padà.

Fóònù Android láti ẹ̀dà 11 náà ní "Notification history" nínú "Settings". Bí ẹni náà bá ti tan án sílẹ̀, ó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ inú nótífikéṣọ̀n fún wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó hàn lókè nìkan ló wà níbẹ̀, kì í ṣe fọ́tò tàbí ohùn ní kíkún.

Lórí iPhone, bí ẹni náà bá ti ṣètò pé kí fọ́tò WhatsApp máa wọ inú "Photos", fọ́tò yín lè ṣẹ́ kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa mẹ́sééjì padà. Èyí tó ti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn náà ti di mẹ́sééjì tirẹ̀; ìfàpadà yín kò kàn án. Ká tó wá sọ ti fọ́tò ojú fóònù tó yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ṣé kò sàn kí n kàn yí i padà dípò kí n fà á padà?

Nígbà mìíràn, ó sàn. Láti ọdún 2023, ẹ lè ṣí mẹ́sééjì tí ẹ kọ, kí ẹ sì yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. "Edited" kékeré ni yóò kù lára rẹ̀, kò sì fa ojú mọ́ra tó "This message was deleted". Fún àṣìkọ nọ́ńbà àkáǹtì, èmi yóò yí i ni. Fọ́tò kò ṣeé yí padà, kí ẹ fà á.

Instagram àti Telegram ńkọ́?

Instagram dà bíi WhatsApp nínú èyí tó ṣe pàtàkì. Ẹ tẹ mẹ́sééjì mọ́lẹ̀, ẹ yan "Unsend", yóò kúrò lójú ẹ̀yin méjèèjì, wọn kò sì fi wákàtí kankan dè yín bíi ti WhatsApp. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa gbogbo ṣáàtì rẹ́, nínú àpótí yín nìkan ló ti kúrò, gbogbo rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ ẹnì kejì. Àwọn tó kó sọ́wọ́ èyí jù ni àwọn tó ń tún àpótí wọn ṣe lẹ́yìn tí ìfẹ́ bá ti tú. Wọ́n á pa ṣáàtì àfẹ́sọ́nà àtijọ́ rẹ́, wọ́n á wá gbọ́ lóṣù méjì sí i pé ó ń fi ohun tí wọ́n kọ han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Telegram ló yàtọ̀. Láti ọdún 2019, níbẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ pa ṣáàtì ẹni méjì rẹ́, àpótí kékeré kan máa ń bi yín pé "Also delete for" pẹ̀lú orúkọ ẹni náà. Bí ẹ bá sàmì sí i, gbogbo ṣáàtì ti kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀yin méjèèjì, tiyín àti tirẹ̀, láìka iye ọdún sí. Ẹnì kejì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín, nítorí náà ẹ má ṣe fi Telegram tọ́jú àdéhùn ilẹ̀.

Ẹni tí mo ń bá ṣòwò ti pa ṣáàtì wa rẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣé tèmi wà?

Bí ó bá jẹ́ "Delete chat" ló ṣe lórí WhatsApp, tiyín wà pátápátá. Ẹ kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó pa á. Ohun tí ẹ máa bẹ̀rù ni pé láàárín ọgọ́ta wákàtí, ó ṣì lè máa fa ọ̀rọ̀ tirẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Fífi ìràwọ̀ sí mẹ́sééjì náà kò dí i lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó tàbí ìhàlẹ̀, ẹ ṣí ṣáàtì náà, ẹ wá "Export chat" lábẹ́ "More", kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni yóò jáde, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò níwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún ya fọ́tò ojú fóònù níbi tí nọ́ńbà ẹni náà ti hàn, kì í ṣe orúkọ tí ẹ̀yin fún un nìkan.

Ẹ má sì ta fóònù náà. Abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ilẹ̀ wa ti ọdún 2011 gba ohun tó jáde látinú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó gbọ́dọ̀ pé kí ilé-ẹjọ́ tó gbà á, lọ́yà yín yóò sì fẹ́ rí ẹ̀rọ tí ó ti jáde.

Ọgọ́ta wákàtí ti kọjá. Kí ni mo lè ṣe?

"Delete for me" nìkan ni yóò máa yọ fún yín, kò sì sí oníṣẹ́ fóònù kan, ní Àkúrẹ́ tàbí níbòmíràn, tó lè wọ fóònù ẹnì kejì lọ yọ ọ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó fún irú ẹ̀, olè ni. Ẹ pe ẹni náà lórí fóònù, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó pa á rẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ má kọ ẹ̀bẹ̀ náà sílẹ̀, kí ó má baà di mẹ́sééjì kejì tí ẹ ó tún máa wá bí ẹ ó ṣe fà padà.

Bó bá jẹ́ fọ́tò káàdì ATM tàbí nọ́ńbà àṣírí ni ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò yẹ, ẹ fi mẹ́sééjì náà sílẹ̀ ná. Báǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè kí wọ́n ti káàdì náà pa, kí ẹ sì yí nọ́ńbà àṣírí padà ní ọjọ́ náà gan-an. Ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ kó máa wo fọ́tò náà títí.